Bí a ṣe ń ṣírò owó bohóòlù àdúgbò láti ìsàlẹ̀ wá sókè, àti iye tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ de pàjáwìrì

Tí ẹgbẹ́ onílé kan ní Àkúrẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ bohóòlù, bó ṣe sábà máa ń lọ rèé: ẹnìkan á dìde nípàdé, á ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn wa ná mílíọ̀nù mẹ́rin sí tiwọn. Alága á ní kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá lé e torí pé nǹkan ti wọ́n. Akápò á pín in sí iye ilé tó wà ládùúgbò, ó parí. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú mílíọ̀nù mẹ́rin ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí ìdá mẹ́wàá náà wà fún. Nígbà tí owó bá tán lójú ọ̀nà, gbogbo ìpàdé á yíjú sí akápò, bẹ́ẹ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà, ká mọ iye rẹ̀, ká tó ròó pọ̀. Lẹ́yìn náà ni owó pàjáwìrì máa wá jáde láti inú ohun tí a mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, tí a kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ tí màá lò ni ti àdúgbò kan tó ní ogójì ilé, ní apá Ìjọ̀kà. Àwọn iye owó tó wà nínú rẹ̀, mo gbé wọn kalẹ̀ kí ìṣirò lè yé wa ni. Ọjà ń yí lójoojúmọ́, ẹ má mú iye tèmi lọ bá oníṣòwò kankan. Bí a ṣe dé ibẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ tú iṣẹ́ náà palẹ̀

Bohóòlù kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò ilẹ̀ wà níbẹ̀, gbígbẹ́ wà níbẹ̀, sùmó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè láti inú ihò, àti páìpù rẹ̀ wà níbẹ̀, òpó àti táǹkì, iná àti ẹ̀rọ omi tí àwọn èèyàn máa ti pọn, àti àyẹ̀wò omi ní láábù kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ni a máa bá sọ̀rọ̀ owó rẹ̀, kí sì ni a máa fi wọ̀n ọ́n? Tí ìdáhùn bá jẹ́ ẹnìkan àti òṣùwọ̀n kan, bíi mítà, àpò tàbí ọjọ́ iṣẹ́, ó ti kéré tó, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un tú.

“Òpó táǹkì” fún àpẹẹrẹ ṣì tóbi jù. Bíríkìlà wà nínú rẹ̀, káfíńtà wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń di irin wà níbẹ̀, olówó yanrìn àti olówó òkúta wẹ́wẹ́ náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá bi bíríkìlà pé èló ni òpó táǹkì, iye kan ṣoṣo ló máa sọ, inú iye yẹn ló sì máa fi gbogbo ohun tí òun náà kò mọ̀ pamọ́ sí.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù nígbà títú yìí ni àwọn ohun tí kò ní í hàn mọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí: owó ọkọ̀ ẹrù, omi tí wọ́n máa fi po kọnkéré (ibi tí a ti ń wá omi ni à ń gbé omi lọ, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín), ọlọ́dẹ tó máa sun ti irin àti sìmẹ́ǹtì lóru, àti ẹni tó máa dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún wọn. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú owó pàjáwìrì ni wọ́n máa ti jẹun láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bèèrè owó

Bí iṣẹ́ bá ti tú tán, ẹ má tíì lọ sí ọjà. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ nílò. Ẹ jẹ́ kí a mú kọnkéré òpó táǹkì yìí, ká ṣe é yanjú.

Táǹkì náà jẹ́ ti 5,000 lítà. Lítà omi kan wọn kílò kan, nítorí náà nígbà tó bá kún, tọ́ọ̀nù márùn-ún ló máa jókòó sórí òpó yẹn, láìka ara táǹkì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi gbọ́dọ̀ yà á sórí ìwé. Òun ló máa sọ bí irin ṣe máa nípọn tó àti bí ìpìlẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, kì í ṣe bíríkìlà. Ká ní àwòrán rẹ̀ fi hàn pé ìpìlẹ̀ mẹ́rin ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, 0.3 mítà ní jíjìn. Ẹ bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìsọdipúpọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó jẹ́ 1.2 kúbíkì mítà. Òpó mẹ́rin tó ga ní mítà mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.23 sí 0.23, máa gba bí 0.85. Bíìmù tó so orí wọn pọ̀ máa gba 0.66. Pèpéle òkè, 2.4 sí 2.4, tó nípọn ní 0.15, máa gba 0.86. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.57. Kọnkéré máa ń dà nù, ó máa ń ṣẹ́kù sínú báàfù, ẹ fi ìdá 5 nínú 100 kún un, ó di 3.75.

Kọnkéré tí a pò ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin, ìyẹn sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, máa ń gba nǹkan bí àpò mẹ́fà àbọ̀ sí kúbíkì mítà kan. 3.75 lọ́nà 6.5 jẹ́ 24.4. Ẹ kò lè ra ìdá àpò, nítorí náà àpò 25 ni. Tí àpò kan bá jẹ́ ₦10,000, sìmẹ́ǹtì òpó táǹkì jẹ́ ₦250,000.

Ó lè dà bíi pé wàhálà yìí ti pọ̀ jù fún àpò 25. Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe fún yín. Nígbà tí bíríkìlà bá sọ pé àpò 40 ni, ẹ ti ní ìbéèrè kan láti bi í: “Ọ̀gá, 25 ni àwòrán sọ, níbo ni 15 tó kù ń lọ?” Ó lè jẹ́ pé ó ka rírẹ́ ara òpó àti pèpéle ìsàlẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi mọ́ ọn, èyí tí ẹ̀yin gbàgbé. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì fi ìlà tuntun sí i. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ ti mọ̀ kí sìmẹ́ǹtì tó dé.

Ẹ béèrè iye gan-an

Ní báyìí, ẹ lè lọ béèrè owó. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ rí dájú lórí gbogbo iye tí wọ́n bá kọ fún yín. Àkọ́kọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀: ṣé owó sùmó ti kó àpótí ìdarí rẹ̀ mọ́ ọn, ṣé owó gbígbẹ́ ti kó késìn, ìyẹn páìpù tí kì í jẹ́ kí ara ihò ya, mọ́ ọn, ṣé owó orí ọjà, ìyẹn VAT tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, ti wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ṣì máa fi lé e. Èkejì ni ọjọ́ tí iye náà máa wà mọ. Oníṣòwò irin lè ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni iye òun dúró, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí a máa padà sí i.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àfikún kankan sí iye náà nítorí ìbẹ̀rù. Èyí ló le jù. Bíríkìlà á fi díẹ̀ kún un kí ọjà má baà ká a mọ́. Akọ̀wé tó lọ béèrè á fi díẹ̀ kún un kí wọ́n má baà bínú sí i. Alága á tún fi ìdá mẹ́wàá lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tó bá dé ìpàdé, àfikún lórí àfikún ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tó jẹ́ ìbẹ̀rù àti iye tó jẹ́ iṣẹ́. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé owó tó fara pamọ́ sínú ìlà kì í padà wá. Tí irin bá dín owó, ẹni tó ń ra irin á rí nǹkan mìíràn fi í ṣe. Ẹ sọ fún olúkúlùkù pé ìbẹ̀rù ní ìlà tirẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n bá rí lónìí.

Bí ti àdúgbò wa ṣe rí nìyí lẹ́yìn tí a rò ó pọ̀:

| Iṣẹ́ | Owó (₦) |
|---|---|
| Àyẹ̀wò ilẹ̀, ojú méjì | 120,000 |
| Gbígbẹ́, késìn, fífọ ihò, àyẹ̀wò bí omi ṣe ń sun | 1,496,000 |
| Sùmó, páìpù, wáyà | 600,000 |
| Òpó táǹkì àti táǹkì | 1,600,000 |
| Iná àti ẹ̀rọ omi | 350,000 |
| Àyẹ̀wò omi ní láábù | 60,000 |
| Alámòójútó, ọkọ̀ ẹrù, ọlọ́dẹ, omi ìpo-kọnkéré | 174,000 |
| Àpapọ̀ | 4,400,000 |

Ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn. Ti gbígbẹ́, fún àpẹẹrẹ: ₦200,000 láti gbé ẹ̀rọ wá, 60 mítà ní ₦15,000 sí mítà kan tó jẹ́ ₦900,000, késìn mẹ́jọ ní ₦22,000 tó jẹ́ ₦176,000, ₦120,000 fún òkúta kéékèèké àti fífọ ihò, àti ₦100,000 láti fi sùmó fa omi fún wákàtí bíi mélòó kan kí a mọ̀ bóyá yóò tó ogójì ilé. Owó iṣẹ́ nìkan ni ₦4,400,000 yìí. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó wà fún “bóyá”.

Ibi tí a kò rí: abẹ́ ilẹ̀

Ẹ wo àwọn ìlà yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé wọn kò dọ́gba. Owó táǹkì, a mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó lè sọ 5,000 lítà di 8,000 tí a kò bá fẹ́. Àmọ́ 60 mítà yẹn ńkọ́? Ta ló lọ sísàlẹ̀ lọ wò ó?

Orí àpáta líle tó ti pẹ́ gan-an ni Àkúrẹ́ jókòó lé, bíi èyí tó yọrí síta ní Ìdànrè tí gbogbo wa ń rí. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ kì í fa omi mu. Omi tí à ń wá wà nínú apá òkè tó ti jẹrà di ilẹ̀, àti nínú àwọn ibi tí àpáta náà ti sán. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tó kọjú síra fi lè gbẹ́ ihò, kí ọ̀kan rí omi ní 45 mítà, kí èkejì lọ dé 80. Àyẹ̀wò ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mọ̀nàmọ́ná kékeré ránṣẹ́ sínú ilẹ̀ láti mọ bí ó ṣe ń dènà á, máa ń dín ìméfò yìí kù. Kì í mú un kúrò pátápátá.

Nítorí náà, iye kan ṣoṣo kò tó fún jíjìn ihò. Mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Tí ẹ bá bi ọ̀gá tó ń gbẹ́ bohóòlù pé, “Ọ̀gá, mítà mélòó lẹ rò pé ó máa jẹ́?” ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Alàgbà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.” Òótọ́ ni. Ẹ wá yí ìbéèrè náà padà: tó bá rọrùn fún wa, mítà mélòó? Tó bá rí bó ṣe sábà máa ń rí ní apá ibí, mélòó? Tó bá le, mélòó ni ẹ máa dé kí ẹ tó ní kí a dúró sọ̀rọ̀? Tiwa jáde ní 45, 60 àti 80. Ẹ kọ 80 yẹn sínú ìwé àdéhùn pé tó bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ máa dúró títí ìgbìmọ̀ á fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ibi ìdúró lè gbẹ́ owó yín tán kí ẹ tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn káàkiri àdúgbò. Ẹ bi ilé mẹ́wàá tó ti ní bohóòlù nítòsí pé mítà mélòó ni tiwọn. Ká ní mẹ́rin nínú wọn ló kọjá 60, ẹ ti ní nǹkan tó dára ju àlá lọ: ìgbà 40 nínú 100, ó lè kọjá ohun tí a ṣírò.

Ẹ ka àwọn ewu, kí ẹ fi owó sí wọn

Owó pàjáwìrì máa ti inú ìwé kan jáde, níbi tí ẹ ti kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, iye tó máa jẹ tó bá ṣẹlẹ̀, àti ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má kọ ogún. Mẹ́rin sí mẹ́fà tó lágbára ti tó.

Ti jíjìn ihò ni kí a ṣe tán. Tó bá lọ láti 60 dé 80, ogún mítà ló lé. Ọ̀pọ̀ á ní ₦15,000 lọ́nà ogún nìyẹn. Kò tán síbẹ̀ o. Tí omi bá jìn, sùmó náà máa lọ sísàlẹ̀ sí i, páìpù tó ń gbé omi wá sókè máa gùn sí i ní ₦2,000 sí mítà kan, wáyà náà máa gùn sí i ní ₦2,500. Mítà kan tó lé jẹ́ ₦19,500 fún wa, ogún rẹ̀ sì jẹ́ ₦390,000. Àǹfààní pé a tú iṣẹ́ náà palẹ̀ nìyẹn: a rí i pé ewu kan ṣoṣo ń kan ìlà méjì.

Ti ọjà: àwọn ohun tí a kò ní í rà lọ́jọ́ kìíní ni sìmẹ́ǹtì, irin, sùmó àti táǹkì, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦1,400,000. Tí ó bá fi ìdá 15 nínú 100 wọ́n sí i kí a tó kan wọn, ₦210,000 ni. Níbí ni ọjọ́ tí oníṣòwò kọ sórí ìwé rẹ̀ ti wúlò; ohun tí iye rẹ̀ máa dúró títí ìgbà tí a máa rà á kì í ṣe ewu.

Ti omi fúnra rẹ̀: omi lè wá pẹ̀lú irin nínú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ó mọ́ kedere bó ṣe ń jáde, tó bá sinmi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó máa pọ́n, ó sì máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ìkòkò. Ẹ̀rọ tó máa sẹ́ ẹ, a fi í sí ₦300,000.

| Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ | Iye tó máa jẹ (₦) | Nínú 100 | Ìpín (₦) |
|---|---|---|---|
| Ihò jìn dé 80 mítà | 390,000 | 40 | 156,000 |
| Ọjà wọ́n kí a tó rà | 210,000 | 60 | 126,000 |
| Irin nínú omi | 300,000 | 20 | 60,000 |
| Òjò dá iṣẹ́ dúró | 100,000 | 30 | 30,000 |
| Ilẹ̀ ya wọ ihò, késìn mẹ́rin sí i | 88,000 | 30 | 26,400 |
| Àpapọ̀ | 1,088,000 | | 398,400 |

Ìpín tó wà lápá ọ̀tún ni iye tó máa jẹ lọ́nà ìgbà tó lè ṣẹlẹ̀, pín sí ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá ń lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, tí iye wà ní òpó B, tí ìgbà sì wà ní òpó C, ìlà kan ló máa ṣe gbogbo rẹ̀:

```
=SUMPRODUCT(B2:B6,C2:C6)/100
```

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń dúró síbí, wọ́n á ní ₦398,400 ni owó pàjáwìrì yín. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, fún irú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ogún bohóòlù lọ́dún ni iye yẹn bá mu, nítorí ohun tó sọnù níbí á padà bọ̀ lọ́hùn-ún. Àwa, ihò kan ṣoṣo la ní. Ihò wa kò ní í jìn ní ìdá 40 nínú 100. Yóò jìn tàbí kó má jìn. Tó bá jìn, ₦390,000 gbáko ló máa gbà, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìpamọ́ lọ kí ọjà tó wá béèrè tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú iye yẹn gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, kí ẹ wá dán an wò: ewu méjì wo ló ṣeéṣe jù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí méjèèjì bá dé? Tiwa ni jíjìn àti ọjà. Ọjà kò mọ bí àpáta ṣe jìn, ọ̀kan kì í fa èkejì, nítorí náà ìgbà tí méjèèjì máa jọ ṣẹlẹ̀ jẹ́ 40 lọ́nà 60 pín sí 100, ìyẹn 24 nínú 100. Bí ìgbà kan nínú mẹ́rin nìyẹn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦600,000. Iye tí mo máa gbé lọ sí ìpàdé nìyẹn. Kò dé ₦1,088,000 tí gbogbo ewu bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìyẹn jọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn aráàlú fún ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣẹlẹ̀. ₦600,000 jẹ́ ìdá 13.6 nínú 100 lórí owó iṣẹ́. Tí a bá ti lo ìdá mẹ́wàá alága, ₦440,000 ni à bá ní, ọ̀rọ̀ à bá sì ti há.

Ẹ ṣọ́ra o: tí ohun kan náà bá lè ti ewu méjì, bí owó dọ́là ṣe lè gbé sùmó àti táǹkì lọ sókè lọ́jọ́ kan náà, ẹ má kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tí mo fi kó gbogbo ọjà sí ìlà kan ṣoṣo nìyẹn.

Ihò tí kò ní omi

Ó hàn pé mo fo ewu tó tóbi jù. Bí ẹ̀rọ bá lọ dé 80 mítà, tí eruku funfun gbígbẹ nìkan ń fẹ́ jáde dípò ẹrẹ̀, ihò náà ti kú. Láti lọ gbẹ́ ojú kejì tí àyẹ̀wò ilẹ̀ ti fi hàn, ẹ fi í sí mílíọ̀nù kan. Kò sí owó pàjáwìrì tó mọ́gbọ́n dání tó lè gbé ìyẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, nítorí bó bá ṣẹlẹ̀ kò tó, bí kò bá ṣẹlẹ̀ ó pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ogójì ilé máa fọwọ́ sí ìwé pé, tí ihò kìíní bá gbẹ, olúkúlùkù máa mú ₦25,000 wá láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. A kò gba owó náà lọ́wọ́ wọn báyìí. Ìwé nìkan ni. Owó tí a máa gbà lọ́wọ́ wọn báyìí ni ₦4,400,000 àti ₦600,000, mílíọ̀nù márùn-ún, ₦125,000 sí ilé kan. Ẹni tó bá ní òun kò lè fọwọ́ sí ₦25,000 náà, ó dára kí a mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó dé.

Àwọn kan tó ń gbẹ́ bohóòlù máa ń gbà láti ru ewu yìí: bí kò bá sí omi, ẹ kò ní í sanwó. Ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ fi iye wọn wé tiwa. Iye tí wọ́n fi wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ ni owó tí ẹ ń san fún ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí “omi” túmọ̀ sí sínú ìwé: lítà mélòó ní wákàtí kan, lẹ́yìn fífà wákàtí mélòó. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta náà ni omi.

Ohun méjì mìíràn ń dín ewu yìí kù láìná kọ́bọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kí ẹ tó da kọnkéré òpó táǹkì, kí òpó má baà dúró láìsí omi. Ẹ sì gbẹ́ ẹ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń lọ sópin, láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹta. Ihò tí a gbẹ́ láàrin òjò lè fi omi tan wá, kí ó sì gbẹ ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀.

Bí owó náà ṣe ń jáde

₦600,000 kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ẹ fi í sí ìlà tirẹ̀, kó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan fún un: ọjọ́, ewu wo nínú márùn-ún, iye tó jáde, iye tó kù. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ewu kì í tibẹ̀ jáde, àyàfi tí ìpàdé bá gbà. Tí Bàbá alága bá ní kí a ra táǹkì 10,000 lítà nítorí pé ó wù wọ́n, ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, owó tuntun ló ń fẹ́. Kì í ṣe pàjáwìrì.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e. Ká ní omi jáde dáadáa ní 66 mítà. Mítà mẹ́fà lé, ní ₦19,500, ₦117,000 jáde, ₦483,000 kù. Lọ́jọ́ yẹn, ìwé ìlérí ₦25,000 ti kú, ẹ fà á ya lójú gbogbo èèyàn. Ewu jíjìn àti ti ilẹ̀ tó ń ya ti kọjá lọ pẹ̀lú. Mẹ́ta ló kù: ọjà, òjò, irin nínú omi. Tí ẹ bá dán méjì tó ṣeéṣe jù nínú wọn wò, ₦310,000 ni, ₦483,000 sì bò ó mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó tún kó ẹsẹ̀ síta, ẹ lọ ra sùmó, táǹkì, irin àti sìmẹ́ǹtì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Bí ẹ bá ti rà wọ́n tán, ewu ọjà náà kúrò.

Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni bí owó ṣe ń dín kù sí bí ewu ṣe ń kọjá lọ. Tí ìdajì owó pàjáwìrì bá ti lọ, tí ẹ̀rọ kò tíì dé, nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ìṣirò ìsàlẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ìlà tí a gbàgbé, bíi ọkọ̀ ẹrù, tó ń fi orúkọ pàjáwìrì jẹun. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ tún ìṣirò ohun tó kù ṣe, kí ẹ padà sí ìpàdé pẹ̀lú iye tuntun. Ìjà tó wà nínú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí òpó bá dúró láìsí táǹkì lórí rẹ̀.

Ìṣirò yìí, ti ilẹ̀ àpáta ni, láti Àkúrẹ́ lọ dé Oǹdó. Tí ẹ bá wà ní Òkìtìpupa tàbí Ìgbókòdá, ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀ ni tiyín. Ìwé ewu yín máa yàtọ̀ pátápátá, omi iyọ̀ lápá etíkun sì lè wà ní ìlà kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ilé mẹ́wàá tó wà nítòsí yín.

Owó pàjáwìrì tó bá ṣẹ́kù, ẹ pinnu ohun tí ẹ máa fi í ṣe kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń dá a padà sí ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn máa ń fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí sùmó bá jóná. Èyí tó wù kó jẹ́, kó wà nínú ìwé ìpàdé kan náà tí ₦125,000 wà, kí akápò sì ka iye tó kù jáde lọ́jọ́ tí omi bá kọ́kọ́ tú.